Owó Ogbó Lórí Ẹrù Tí Olè Kó

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé yẹn, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ó pè mí, kò lè sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí mo ń gbọ́ ṣáá ni, "Mà, ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Kí n tó ti Ìgbógbó dé Sábó ní Ìkòròdú, àwọn aládùúgbò ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n káwọ́ lérí. Àwọn olè ti gé irin mẹ́ta lójú fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn látinú. Láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé etí títì, ilà táyà kéékèèké wà lórí ilẹ̀ tútù. Ẹ̀rọ fótókọ́pì wa ló ní táyà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti í lọ bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́.

Iṣẹ́ wa kò ju kí á máa tẹ̀wé, ká máa ṣe fótókọ́pì, ká máa di ìwé ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASUSTECH lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kó ni fótókọ́pì yẹn, láptọ́ọ̀pù méjì, àti ínfẹ́tà pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ méjì. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wé ìwé ní rọ́bà sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tí a fi ń di ìwé náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, torí wọ́n ṣì máa ṣe mí lọ́ṣẹ́ níwájú.

Mo ní ìnṣọ́ránsì olè. Bàbá kan tó jẹ́ búrókà, ìyẹn alágbàtà ìnṣọ́ránsì, ló bá mi ṣe é láti ọdún 2022, ọdọọdún ni mo sì ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo lọ fi ẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, mo gbàwé lọ́wọ́ wọn, mo ya fọ́tò irin tí wọ́n gé kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án. Fọ́tò yẹn ṣe pàtàkì, torí ìnṣọ́ránsì olè tèmi kò san kọ́bọ̀ bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n fi ipá já wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán ajọ́sítà wá, ìyẹn ẹni tó máa ń wo òfò tó sì máa ń ṣírò iye tó yẹ kí wọ́n san. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wo fèrèsé, ó kọ orúkọ gbogbo nǹkan tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ní kí n fún òun ní rìsíìtì àti ìwé ìṣirò ọdún kan tàbí méjì kí ó lè hàn pé èmi ni mo ni ẹrù. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbé igi tí wọ́n máa fi nà mí lé wọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá, lẹ́tà dé. Wọ́n gbà pé olè jà mí, wọ́n gbà pé àwọn máa san. ₦603,000 ni wọ́n ní àwọn máa san.

Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lóòótọ́, rìsíìtì tí mo kó fún wọn jẹ́ ₦1,550,000 lápapọ̀: ₦350,000 fún fótókọ́pì tokunbo tí mo rà ní oṣù kẹta 2021, ₦600,000 fún láptọ́ọ̀pù méjì tuntun tí mo rà ní oṣù kẹfà 2022, ₦600,000 fún ínfẹ́tà àti bátìrì ní oṣù kejì 2023. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá dé ọjà ní ìparí ọdún 2024 mọ̀ pé ₦1,550,000 yẹn gan-an ò lè ra ìdajì nǹkan wọ̀nyí mọ́. Wọ́n wá tún já a sí méjì, wọ́n tún já a ju méjì lọ.

Ìwé kan wà lẹ́yìn lẹ́tà náà, "fáọ́ṣà" ni wọ́n ń pè é. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo bá ti fọwọ́ sí i, mo ti gba owó náà tán pátápátá, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ láé. Bàbá búrókà pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Ọmọ mi, ṣé o ti fọwọ́ sí nǹkan kan?" Mo ní rárá, sà. "Ó dáa. Má fọwọ́ sí i, má sì yà á. Kọ̀wé sí wọn pé inú rẹ dùn pé wọ́n gbà láti san, pé iye ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan."

Ìyẹn ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe mí láǹfààní jù. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́, àpapọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, èèyàn ò sì lè bá àpapọ̀ jà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí mo béèrè ni ìṣirò náà wọ ímeèlì mi. Ó lọ báyìí: lọ́dọọdún, wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí iye tí mo ra nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ọdún tí kò bá pé, wọ́n kà á sí odidi ọdún. Fótókọ́pì tó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù méje di ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yọ ìdá ọgọ́rin, ó ku ₦70,000. Láptọ́ọ̀pù, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin di mẹ́ta. Ó ku ₦240,000 fún méjèèjì. Ínfẹ́tà, ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ di méjì. Ó ku ₦360,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦670,000. Wọ́n wá yọ ìdá mẹ́wàá tí àdéhùn wa ní kí èmi fúnra mi fara mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kísẹ́ẹ̀sì, ó ku ₦603,000.

Yíyọ tí wọ́n yọ ọdún lórí ẹrù yìí ni wọ́n ń pè ní dìpírísíéṣọ̀n. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní owó ogbó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Fótókọ́pì ní ₦70,000! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Lọ́dún yẹn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìdérí òkè ni mo rò pé ẹni tó ń ta tokunbo á fún mi ní ₦70,000, á sì ní kí n máa dúpẹ́.

Inú bí mi débi pé mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ lẹ́tà tó gùn. Mo ní kí wọ́n san iye tí nǹkan tuntun jẹ́ lónìí fún mi, ₦780,000 lórí láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e lọ fún Bàbá búrókà kí wọ́n bá mi kà á. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Èyí tí o kọ yìí, bí a bá fi ránṣẹ́, wọ́n á fi jẹ ọ́ ní àjẹyó."

Wọ́n wá ṣí ìwé àdéhùn náà sí ojú ewé kan, wọ́n fi ìka tẹ ìlà kan. Ohun tí ó sọ ni pé ilé-iṣẹ́ máa san "iye tí ẹrù náà jẹ́ ní àkókò tí òfò ṣẹlẹ̀." Àdéhùn mìíràn wà tí wọ́n máa ń ṣe, tí wọ́n á fi tuntun rọ́pò àlòkù, owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju tèmi lọ, mi ò sì rà á. Nítorí náà, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí tuntun. Ohun tí mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ni pé kí n padà sí ibi tí mo wà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú olè, kí n má sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, fótókọ́pì àlòkù kan ni mo ní, tó ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè wá ni pé: èló ni wọ́n ń ta irú àlòkù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ yẹn?

Ẹ wò ó bó ṣe jìnnà sí ohun tí ajọ́sítà ṣe. Ìlà náà kò sọ pé "iye tí o rà á, yọ ogún lọ́dọọdún." Ó ní iye rẹ̀ ní àkókò òfò. Èmi ń béèrè iye tuntun, òun ń ṣírò láti iye àtijọ́, àwa méjèèjì la ti kúrò lórí ohun tó wà nínú ìwé. Mo ya lẹ́tà mi níwájú Bàbá.

Kí n tó kọ òmíràn, mo fẹ́ mọ ibi tí ìdá ogún yẹn ti wá, torí n kò rí i níbi kankan nínú ìwé àdéhùn. Mo pe ajọ́sítà. Ó fi pẹ̀lẹ́ dáhùn: "Mà, inú ìwé ìṣirò tiyín ni mo ti mú un. Akáùńtáǹtì yín ló yọ ìdá ogún lọ́dọọdún lórí ohun-èlò." Òótọ́ ló sọ. Ó wà níbẹ̀, èmi náà sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìyàwó àbúrò mi jẹ́ akáùńtáǹtì. Òun ló là mí lójú. Ó ní èyí tí akáùńtáǹtì ń yọ, ó ń pín owó tí o ná sórí ẹ̀rọ káàkiri ọdún tí o rò pé wàá fi lò ó, kí èrè ọdún kan má baà ru gbogbo ẹrù náà. Kò lọ sọ́jà, kò wo ẹ̀rọ, kò sì bìkítà bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wé ìwé ní rọ́bà yẹn, èló ló wà nínú ìwé yín?" A wò ó. Òdo ni. Láti ọdún kan sẹ́yìn ló ti di òdo nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ àná ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi wé sátífíkéètì mọ́kànlá. Mo mú àpẹẹrẹ yẹn gẹ́lẹ́ lọ sínú lẹ́tà mi: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ni olè kó, ṣé òdo lẹ máa san fún mi?

Ohun kejì ni ti náírà. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye ìjọba. Nígbà tí olè fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti lé ní ₦1,600. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kó tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Àlòkù tí mo rà ní ₦350,000 ti ń gbówó lórí bó ṣe ń gbó. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ láti iye rìsíìtì fi máa ṣì nílẹ̀ yìí, bó ti wù kí ìdá tí wọ́n yọ kéré tó. Ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ò ní ṣe é. Mo ní láti fi hàn pé tèmi kì í ṣe àlòkù tó ti kú tán. Níbí ni Ẹńjiníà tó máa ń tún ẹ̀rọ wa ṣe ti gbà mí.

Ó ní ìwé kékeré kan, eléèpo pupa, tí tónà ti rin etí rẹ̀ dúdú. Gbogbo ìgbà tó bá wá, ó máa ń kọ déètì, iṣẹ́ tó ṣe, àti nọ́ńbà tó wà lórí kántà ẹ̀rọ náà. Kántà yìí ló ń ka iye ojú ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà láyé. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń kọ ọ́. Mo rò pé owó tí mo jẹ ẹ́ ló ń kọ. Nínú ìwé náà, ní oṣù kẹta 2021 tí a gbé e dé, kántà wà ní 41,000 àti díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú olè, ó wà ní 118,000 àti díẹ̀. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun pààrọ̀ dọ́rọ́ọ̀mù rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn.

Mo gbé ìwé yẹn lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà. Mo wá irú fótókọ́pì kan náà, mo sì ní kí wọ́n tan án kí n rí kántà. Àwọn tokunbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ tí kántà wọn ṣì kéré, wọ́n ń pè wọ́n ní ₦900,000. Àwọn tó wà ní 110,000 sí 130,000, irú tèmi gẹ́lẹ́, ₦850,000 ni wọ́n ń pè, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ₦780,000 bí a bá ná an dáadáa. Iye tí wọ́n jọ̀wọ́ ni mo gbà, mi ò gba iye tí wọ́n pè. Ajọ́sítà náà ń náwó lọ́jà, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Ìdí kan náà ni mi ò fi lo iye tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Wàhálà wà nínú kí ọlọ́jà kọ iye sílẹ̀ fún ẹni tí kò rà. Méjì lé mi jáde. Ẹnì kan ní, "Mọ́mì, ẹ rà á kí n kọ̀wé fún yín." Mo ṣàlàyé pé olè ló jà mí, ó káàánú mi, ó kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi déètì sí i, ó fi nọ́ńbà kántà ẹ̀rọ tí mo wò sí i. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Mẹ́ta ni mo gbà. Fún láptọ́ọ̀pù, mo wá àlòkù tó jẹ́ ti ọdún kan náà, tí agbára rẹ̀ bá tèmi mu; ₦340,000 ni ọ̀kan, méjì jẹ́ ₦680,000.

Ti ínfẹ́tà, mo ní láti bá ara mi sọ òótọ́. Bátìrì ń gbó. Ẹ̀rọ ínfẹ́tà fúnra rẹ̀ lè lo ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n bátìrì tí à ń fa iná inú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ìkòròdú níbí, nígbà tí iná ọba ń wá tó ń lọ bí àlejò, ọjọ́ orí rẹ̀ kò gùn. Kò sẹ́ni tó ń ta bátìrì àlòkù tí ọlọ́gbọ́n á rà, nítorí náà kò sí iye ọjà tí mo lè tọ́ka sí. Mo bá gba ìdá ogójì tí ajọ́sítà yọ lórí ti ínfẹ́tà, mi ò bá a jiyàn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo ní kó yọ ọ́ lórí iye bátìrì lónìí. Tuntun méjì jẹ́ ₦760,000 nígbà náà. Yọ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku ₦456,000. Ínfẹ́tà àlòkù jẹ́ ₦200,000. Ìyẹn jẹ́ ₦656,000. Mo gbà gbọ́ pé ibi tí mo ti gbà fún wọn yìí ló jẹ́ kí wọ́n ka ìyókù lẹ́tà mi.

Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦2,116,000. Lẹ́tà tí mo kọ kò ju ojú ewé kan àtààbọ̀ lọ. Mo ti gba ìnira láti kó ẹ̀rí jọ, n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó. Apá tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ lọ báyìí: "Ìwé àdéhùn wa ní kí ẹ san iye tí ẹrù jẹ́ ní àkókò òfò. Ìdá ogún tí ẹ yọ kò sí nínú àdéhùn náà; inú ìwé ìṣirò mi lẹ ti mú un, ìwé ìṣirò kì í sì í sọ iye ọjà. Èyí ni iye ọjà àlòkù irú rẹ̀ ní oṣù tí òfò ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí bí tèmi ṣe rí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí èsì. Mo ní kí wọ́n kúkú san ₦603,000 tí àwa méjèèjì ò jiyàn lé lórí ná, wọ́n kọ̀. Nígbà tí èsì máa dé, ó dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun kan: áfẹ́réèjì.

Ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé, kó fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló ń dúró de ẹni tó bá ṣẹ́gun owó ogbó. Ká ní gbogbo ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, o sì kọ mílíọ̀nù márùn-ún sínú ìwé ìnṣọ́ránsì, ìdajì ẹrù rẹ lo san owó lé lórí. Bí olè bá kó ohun tó tó mílíọ̀nù kan, ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n máa san, wọ́n á ní ìwọ ni adójútòfò ìdajì kejì. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ohun tí olè kó nìkan ni wọ́n ń wò, títí kan èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí ajọ́sítà fi kọ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tó wá.

₦2,500,000 ni mo kọ sílẹ̀ ní 2022. Ó tó nígbà náà. Ọdún 2023 dé, mo tún un ṣe, mi ò yí i padà. 2024 dé, mi ò yí i padà. Nígbà tí mo ń pariwo fún wọn pé ọjà ti gbówó lórí, ẹnu ara mi ni mo fi ń jẹ́rìí pé ₦2,500,000 ò tó mọ́.

Wọ́n kọ̀wé pé bí mo bá fẹ́ iye òní, ó dáa, iye òní ni kí a lò. Gbogbo ohun-èlò ṣọ́ọ̀bù mi, bí a bá ra wọn ní tuntun lónìí, jẹ́ ₦6,000,000. ₦2,500,000 nínú ₦6,000,000 kò tó ìdajì. Wọ́n bá fi ìwọ̀n yẹn gé ₦2,116,000 mi, ó di bí ₦881,667. Wọ́n yọ ẹ́kísẹ́ẹ̀sì, ó ku ₦793,500. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara mi fẹ́ gbà á. Ó ti rẹ̀ mí, iṣẹ́ ń lọ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ títì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tún ìwé náà kà, tí ohun kan gún mi lójú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ san, wọ́n fi iye àlòkù wọn ẹrù mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìnṣọ́ránsì mi tó, wọ́n fi iye tuntun wọn ẹrù kan náà. Òṣùwọ̀n kan fún rírà, òmíràn fún títà. Ìyá tó ń ta gàrí lójú ọjà Sábó, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á da kọ́ńgò rẹ̀ nù.

Mo pe Bàbá búrókà, mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti rí i." Àdéhùn kan náà, tó ní iye àlòkù ni ká fi san òfò, ló yẹ kó sọ pé iye àlòkù ni ká fi wo àpapọ̀ ẹrù. Ìbá ṣe pé àdéhùn tí wọ́n fi tuntun rọ́pò àlòkù ni mo rà, iye tuntun ni à bá lò ní ìhà méjèèjì, mi ò sì ní lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà kan náà, mo gba iye àlòkù ohun tó ṣẹ́ kù nínú ṣọ́ọ̀bù, láti inú àkọsílẹ̀ tí ajọ́sítà fúnra rẹ̀ ṣe. ₦1,009,000 ni. Fi kún ohun tí olè kó, àpapọ̀ jẹ́ ₦3,125,000. ₦2,500,000 nínú ₦3,125,000 jẹ́ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kọ ọ́ sí wọn pé mo gba áfẹ́réèjì, mo gbà pé mo jẹ̀bi ìdá ogún nínú òfò náà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni kí a lò. Ní ìsàlẹ̀, mo rán wọn létí pé ìwé àdéhùn wa fúnra rẹ̀ ní bí a kò bá fẹnu kò lórí iye, kí ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Mo sì ní bí kò bá yanjú, mo máa gbé gbogbo ìwé náà lọ fún àjọ NAICOM, àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Ajọ́sítà ló pè mí fúnra rẹ̀. "Mà, a ti rí lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn, a gbà." Ó wá ní ẹ̀rí fótókọ́pì dára, ṣùgbọ́n nínú ìwé Ẹńjiníà kan náà, ó rí i pé ibi tí ìwé ń gbà wọlé máa ń há, pé ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní 2024 pé ó yẹ ká pààrọ̀ rọ́bà ibẹ̀, a ò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n gba ₦720,000. Ìwé tó gbè mí náà ló tún tú mi fó. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rántí rọ́bà yẹn dáadáa. Èmi ni mo ní kí Ẹńjiníà jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀.

Àpapọ̀ wá di ₦2,056,000. Ìdá ọgọ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦1,644,800. Wọ́n yọ ẹ́kísẹ́ẹ̀sì ìdá mẹ́wàá, ₦164,480. Ó ku ₦1,480,320. Ìyàwó àbúrò mi ní bí fótókọ́pì ṣe wálẹ̀ yẹn, ó yẹ kí ìdá ọgọ́rin náà gòkè díẹ̀, torí àpapọ̀ ẹrù ti dín. Ó tọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè padà lọ kọ lẹ́tà míràn nítorí ìyẹn. Fáọ́ṣà tuntun dé ní oṣù kẹta 2025. Mo ka iye orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ sí i, owó wọ àpò báńkì mi ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà.

Mo ra fótókọ́pì lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé fún mi níjọ́ yẹn, láptọ́ọ̀pù kan sì tẹ̀ lé e. Ínfẹ́tà ṣì ń dúró de owó. Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ dé, Ẹńjiníà tan án, ó tẹ̀ ẹ́ títí kántà fi yọ lójú rẹ̀. Kó tó fa ìwé eléèpo pupa rẹ̀ yọ, mo ti ya fọ́tò nọ́ńbà náà, mo ti fi ránṣẹ́ sí Bàbá búrókà lórí Wásáàpù. Wọ́n dáhùn kíá: "Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n èló la máa kọ sílẹ̀ lọ́dún yìí?" Mo ní a máa sọ ọ́ bí rọ́bà ibi tí ìwé ń gbà wọlé bá ti wà ní tuntun.